Ìdámẹ́wàá Ojú Ọ̀nà Agbonou

Armel kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lọ́dún tó kọjá, ó sàn kí ọ̀lẹ ṣe tirẹ̀. Ọ̀lẹ á kúkú jókòó sílé rẹ̀. Armel ra bàtà tuntun, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé, ó ní òun fẹ́ sáré kìlómítà mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti jáde nílé ìwé, ìsáré kan ṣoṣo tó ń sá ni èyí tó fi ń ká aṣọ lórí okùn bí òjò bá ṣú. Ní kìlómítà kejìlá, orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó jókòó sí ojú títì, alùpùpù zémì kan ló sì gbé e dé ibi ìparí, òun sì di oní-zémì náà mú níbàdí bí ọmọdé tí wọ́n ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ya fọ́tò. Fọ́tò náà dé ọ́fíìsì àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Atakpamé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Láti ọjọ́ náà, Kìlómítà Méjìlá ni wọ́n ń pè é.

Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ lọ́dún yìí: kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ parí ọ̀nà yẹn, ì báà jẹ́ òun ni yóò gbẹ̀yìn gbogbo ayé.

Ìdí nìyí tó fi lọ bá Étienne, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama. Étienne ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi í pé kìlómítà mélòó ló lè sá lọ́sẹ̀ kan láìsí ìrora, Armel ní bóyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, tí èyí tó gùn jù nínú wọn jẹ́ mẹ́wàá.

“Ó ti tó,” Étienne wí. “Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdámẹ́wàá ohun tí o sá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni wàá fi kún un. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ á lé ní ìdámẹ́wàá, ìsáré gígùn ọjọ́ Àìkú náà á lé ní ìdámẹ́wàá. Bí o bá ti fi kún un títí di ọ̀sẹ̀ kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, dín in kù, kí ara lè sinmi. Lẹ́yìn náà, padà síbi tí o dé, kí o tún gòkè.”

“Ìdámẹ́wàá péré? Bí èyí tí à ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ní tìẹ, má ṣe ju ti Ọlọ́run lọ.”

Armel ní ara òun le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Étienne mi orí. Ó ní àyà àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè lágbára, wọ́n á sì máa tan ènìyàn jẹ pé gbogbo ara ti ṣe tán. Egungun àti iṣan ní tiwọn, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá fetí sí àyà rẹ̀ nìkan, ẹsẹ̀ ni yóò sanwó rẹ̀. “Ìdámẹ́wàá yẹn kì í ṣe àṣẹ láti ọ̀run,” ó wí, “ẹlòmíràn lè ju bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ò sì lè tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó ti tó ogójì ọdún kì í ṣe ohun tí à ń fi dánwò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

Ọ̀nà wo wá ni yóò máa sá? Ẹni tó bá mọ Atakpamé mọ̀ pé òkè ló ń gun òkè níbẹ̀. Étienne ní òkè a máa fi ẹrù kún ẹrù, ó ní kí Armel fi ìsáré gígùn sí ọ̀nà tó tẹ́jú. Ilé Armel wà nísàlẹ̀ ìlú, ọ̀nà kan tó tẹ́jú tó sì bójú mu níwájú rẹ̀ ni ọ̀nà Agbonou. Armel gbà. Kò rántí lọ́jọ́ náà pé ẹ̀bá ọ̀nà yẹn gan-an ni bàbá ìyàwó rẹ̀ kọ́lé sí.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó sáré dé ibi ẹ̀rọ omi, ó yí padà. Ọjọ́ Àìkú kejì, ó kọjá ẹ̀rọ omi dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, tó di kìlómítà méjìlá ní àlọ àti àbọ̀, ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló ti yí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òórùn igi dídáná ń jáde láti àwọn àgbàlá, àwọn ìyá tó ń lọ sí Máàsì àfẹ̀mọ́júmọ́ ń kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn láìmí gúlegúle, torí Étienne ti ní kó máa sáré ní ìwọ̀n tó fi lè sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin dé, ó dín in kù bí wọ́n ṣe sọ, kò tilẹ̀ dé ibi ẹ̀rọ omi tó fi darí sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìṣòro dé. Ìsáré gígùn ti di kìlómítà mẹ́tàlá. Armel fi fóònù rẹ̀ wọn ọ̀nà náà lálẹ́ Sátidé, ó rí i pé ibi tí òun yóò ti yí ti kọjá ẹnu ọ̀nà Bàbá Igbẹ́kọ̀yí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá Igbẹ́kọ̀yí jẹ́ fún yín. Àgbẹ̀ ni, òun ló bí Inès, ìyàwó Armel. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò lọ, òrìṣà tí baba rẹ̀ sìn ló ń sìn. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo Agbonou bá wà nílé Ọlọ́run láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun nìkan ló máa ń jókòó sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kọ sí títì. Ta ló wá fẹ́ kọjá níwájú àna rẹ̀ láìyà? Bí Armel bá sì yà, kì í ṣe ohun tí à ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe. Yóò dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á bu omi fún un. Wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè Tọ́pẹ́ ọmọ wọn, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀ tó wà lábúlé àti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá náà. Wọ́n á gbé iyán kalẹ̀, ẹni tó bá sì kọ oúnjẹ àna rẹ̀, ó mọ ohun tó ń wá. Ìyẹn ni pé wọ́n á gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré, wọ́n á sì fi iyán sí i níkùn. Ìdààmú tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti ṣòkòtò. Ṣòkòtò eré ìje tí Armel ń wọ̀, kò dé ìdajì itan. Báwo ni ọkùnrin tó mọyì ara rẹ̀ yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ nínú irú aṣọ yẹn?

Ó rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún. Níkẹyìn ó ṣe ohun tí onítìjú máa ń ṣe: ó wá ọ̀nà gbà yípo. Lọ́jọ́ Àìkú náà, ó fi ọ̀nà Agbonou sílẹ̀, ó gba apá Kamina, níbi tí àwókù ilé wáyà, tí àwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ láyé ìjọba wọn, wà nínú igbó. Ó ní òun á kàn yí lọ yí bọ̀ níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, ipa ọ̀nà tó rò pé yóò mú òun jáde sí títì ńlá wọ inú oko ẹ̀gẹ́ kan, ó dúró síbẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ṣìnà! Kó tó rí ilé rẹ̀ padà, kìlómítà mẹ́tàdínlógún ni fóònù kà.

Ẹ sì wo ohun tó burú níbẹ̀: inú rẹ̀ dùn. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó wẹ̀, ó lọ sí Máàsì, ó kọrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Étienne ń bẹ̀rù jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojúgun òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó sáré lórí rẹ̀, ìrora náà kò lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, egungun náà kò ṣeé fọwọ́ tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́ bí alákàn, Étienne tó wá kí i sì dúró nísàlẹ̀ tó ń wò ó.

“Kìlómítà mélòó lo sá lọ́jọ́ Àìkú?”

“Mẹ́tàlá ni o sọ.”

“Mo mọ èyí tí mo sọ. Èyí tí o sá ni mò ń béèrè.”

Armel sọ òtítọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Étienne tẹ ojúgun rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé gbogbo gígùn egungun ló ń dùn díẹ̀díẹ̀, pé bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ta á ṣáńṣán, ilé ìwòsàn ni wọn ì bá máa lọ tààrà. Síbẹ̀, kó má sáré rárá fún ọ̀sẹ̀ kan, bí kò bá sì rọ̀ ọ́, kó lọ rí dókítà.

“Láti méjìlá bọ́ sí mẹ́tàdínlógún,” Étienne wí. “Ìdámẹ́wàá mélòó nìyẹn? Ó lé ní mẹ́rin! Pẹ̀lú òkè. Kí ló lé ọ débẹ̀?”

“Àna mi ni.”

Ẹ̀rín ni Étienne kọ́kọ́ fẹ́ rín. Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kàn mí kanlẹ̀, torí òun náà ní àna. Ó ṣírò gbogbo rẹ̀ padà: ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi, lẹ́yìn náà kìlómítà mẹ́jọ, kó tún gòkè ní ìdámẹ́wàá ìdámẹ́wàá. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó sọnù yẹn, a kì í sá wọn mú. Méjìdínlógún tí wọ́n fẹ́ dé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní dé e mọ́. Mẹ́rìndínlógún ló máa jẹ́ òpin, kí wọ́n tó dín in kù fún ìsinmi ìkẹyìn. “Ó lè tó,” ó wí, “bí o bá rọra sá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ìdíje lọ́dún yìí.”

Armel lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Kì í ṣe ojúgun nìkan ló ń dùn ún. Ó mọ̀ pé bí òun bá ń gòkè ní ìdámẹ́wàá, kò sí bí òun ò ṣe ní tún dé ibi mẹ́tàlá, àna rẹ̀ yóò sì wà lórí àpótí.

Inès ló mú ìròyìn tó kù wá. Ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀, ó sì dé pẹ̀lú ojú ẹni tó ń di ẹ̀rín àti ìbínú mọ́ra.

“Bàbá Tọ́pẹ́, kí lẹ ṣe fún bàbá mi?”

“Kí ni mo ṣe? N ò tilẹ̀ rí wọn!”

“Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń béèrè.”

Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ ní Agbonou. Láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ ni àwọn oní-zémì ti sọ fún bàbá pé àwọn rí ọkọ Inès níbi ẹ̀rọ omi, pé ó ń sáré bọ̀, pé ó kàn ṣàdédé yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ó dé ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá fi ojú ara rẹ̀ rí i níbi ẹ̀rọ àgbàdo, bó ṣe wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, tó mi orí, tó padà. Bàbá wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nílẹ̀: àna òun ní ohun tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, kò ní ìgboyà, ṣùgbọ́n ó ń sún mọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Armel ò dé ẹ̀rọ omi mọ́. Bàbá ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, ó ní ọmọ náà ti ń jó àjórẹ̀yìn, ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún pé, bàbá wẹ̀, ó wọ agbádá rẹ̀ tó fi ń lọ sí ibi ìsìnkú, ó ní kí ìyàwó òun gún iyán sílẹ̀, ó jókòó. Ó jókòó títí oòrùn fi bá a lórí àpótí. Kò sẹ́ni tó yọ.

“Wọ́n ní kí n bi yín léèrè,” Inès wí, “ṣé ẹ fẹ́ dá mi padà fún wọn ni?”

Armel gbé ọwọ́ lé orí. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n nínú lẹ́ẹ̀kan náà. Òun tó ń sá fún kí òun má bàa rí bàbá fín, ó ti fi oṣù kan rí bàbá fín ní ìdámẹ́wàá ìdámẹ́wàá.

Ní Sátidé, ó wọ ṣòkòtò gígùn àti ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà, òun àti Inès gun zémì lọ sí Agbonou. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá ní kó dìde, kó sọ ohun tó bá a. Armel jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: fọ́tò orí zémì, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, ìdámẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ tí à ń dín in kù, Kamina, ojúgun. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò kúkúrú, ó fi ọwọ́ bo itan rẹ̀ bí ẹni tó ṣì wọ̀ ọ́.

Bàbá Igbẹ́kọ̀yí sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn.

“Nítorí náà, kì í ṣe pé o fẹ́ kọ ọmọ mi sílẹ̀.”

“Ká má rí i, Bàbá.”

“Kì í ṣe pé o jẹ gbèsè.”

“Rárá o.”

“Itan lásán lo ń gbé sá fún mi!” Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú ilé ìdáná wá wò ó. “Ìwọ Armel. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ta ló wọ ṣòkòtò tó gùn ju tìẹ lọ sóko? Gbọ́. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, a kì í dá a dúró láàárín ebè. Bí o bá ń kọjá lọ́jọ́ Àìkú, gbé ọwọ́ sókè, kí o pe orúkọ mi kí n gbọ́. Mo ti gbà á nìyẹn. Omi á wà lórí àpótí kékeré lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe èmi ni mo bù ú fún ọ o, àpótí ni. Iyán á dúró dìgbà tí o bá wọ aṣọ.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá.”

“Má tíì dúpẹ́. Ìdámẹ́wàá yẹn, sọ ọ́ fún mi dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ wo lo ó dé ibí, ní ọ̀sẹ̀ wo lo ó dé ibo? N ò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ rẹ kó mi lọ́kàn sókè.”

Ojúgun náà rọ̀. Armel bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà mẹ́jọ bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn, kò sì kánjú mọ́. Alẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, fóònù á dún. “Ọ̀la ńkọ́? Ibo ni?” Armel á sọ fún un, bàbá á ní ó dáa. Nígbà tó pé mẹ́tàlá, ó rí àpótí náà lẹ́bàá ọ̀nà, ife omi wà lórí rẹ̀, àwo kékeré bò ó nítorí eruku. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kígbe: “Bàbá Igbẹ́kọ̀yí o!” Bàbá gbé tirẹ̀ náà sókè. Ó mu omi náà nígbà tó ń bọ̀, ó sì ronú pé kí ló dé tí òun ti ń sáré ju wákàtí kan lọ látọjọ́ yìí láìní omi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́rìnlá àti díẹ̀ ni. Òjò alẹ́ ti mú kí afẹ́fẹ́ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, Armel sì gbọ́ ohùn tó mọ̀ dáadáa láyà rẹ̀, pé kó máa lọ, pé mẹ́rìndínlógún ò jìnnà mọ́. Ó ti kọjá igi àgbọn tó yẹ kó ti yí, díẹ̀ báyìí, nígbà tó gbọ́ igbe lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá Igbẹ́kọ̀yí ti fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀ lójú ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

“Armel! Ṣé ìdámẹ́wàá nìyẹn?”

Ó yí padà lójú ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sáré bọ̀.

Mẹ́rìndínlógún dé ní àsìkò tirẹ̀, ó sì kọjá láìsí ìrora. Lẹ́yìn náà Étienne ní kó dín gbogbo rẹ̀ kù, kó jẹun, kó sùn. Ọjọ́ ìdíje, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé.

Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin ń kọjá lára rẹ̀ fẹ̀ẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ní kìlómítà kejìlá, ó wo ojú títì níbi tó jókòó sí lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù sì bà á gan-an, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn mẹ́rìndínlógún, ó dé ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì mọ̀ rí. Itan rẹ̀ le bí igi. Àwọn mìíràn ń rìn, òun náà rìn díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín omi, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀, kò yára, kò sì dúró. Oòrùn ti ga. Àwọn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ti ń lọ sílé wọn. Nígbà tó rí ibi ìparí, wọ́n ti ń tú okùn ẹ̀gbẹ́ kan, Étienne sì dúró síbẹ̀ tó ń pariwo bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló ń gba àmì ẹ̀yẹ.

Ó kọjá ìlà náà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Étienne na fóònù sí i.

“Inès ni. Ó wà ní Agbonou.”

Kì í ṣe ohùn Inès ló gbọ́. “Armel? Ta ló gbé ọ débẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó gbé mi, Bàbá. Èmi ni mo sá a. Mo parí rẹ̀.”

Ó gbọ́ bí bàbá ṣe yí ẹnu kúrò lára fóònù tó kígbe sí gbogbo agboolé: “Ẹ jáde wá! Ọmọ mi ti dé! Ọmọ mi ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dé!”

Kò pè é ní àna, kò pè é ní ọkọ Inès. Armel jókòó sí ẹ̀bá títì Lomé, ó di fóònù náà mọ́ etí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì jẹ́ kí ẹkún tó ń gbọ̀n ọ́n jáde, torí inú rẹ̀ dùn.